Lẹ́tà ìbéèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba: bí ẹgbẹ́ kékeré wa ṣe kọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì

Ojú ìwé mẹ́rin ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa kọ. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni mo kọ ọ́, nítorí náà ẹjọ́ mi ni. Ìkíni ló kún ojú ìwé kìíní: a kí gómìnà, a kí kọmíṣọ́nnà, a kí ọ̀gá àgbà, a sì gbàdúrà fún ilé àti ọ̀nà wọn. Ojú ìwé kejì àti ẹ̀kẹta sọ bí ìyà ṣe ń jẹ wá. Ní ìparí, a ní kí wọ́n fún wa ní "ohun tó bá tó lójú yín."

Oṣù mẹ́ta kọjá, a kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọ mọ́tò lọ sí Àlàgbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà ní Àkúrẹ́, láti lọ béèrè. Òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú fáìlì wá lẹ́tà wa jáde, ó ṣí i, ó sì bi mí pé: "Àǹtí, èló gan-an lẹ fẹ́, kí lẹ sì fẹ́ fi ṣe?" Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Obìnrin 26 ni wá, a ń ṣe gàrí ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìgbátòrò, ẹ̀yìn Àkúrẹ́. Ohun tí a ń wá ni ẹ̀rọ tí a ó fi máa rin ẹ̀gẹ́ láàárín abúlé wa. Lẹ́tà kejì tí a kọ ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí, abala kan tẹ̀lé èkejì, kí ẹgbẹ́ mìíràn lè rí bí a ṣe ń tò ó. Iye owó tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí a kọ ọ́. Ẹ má dà á kọ. Ọjà ti yí padà.

Ẹ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ kàn

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ mọ ilé iṣẹ́ ìjọba tí owó irú iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbogbo ènìyàn ti gbọ́ orúkọ OSOPADEC, ẹgbẹ́ púpọ̀ sì máa ń sáré kọ̀wé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tó ń mú epo rọ̀bì jáde ni, ìyẹn Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. Ẹgbẹ́ tó wà ní Gúúsù Àkúrẹ́ tàbí ní Ìdànrè tó kọ̀wé síbẹ̀ ti fi owó mọ́tò ṣòfò.

Àwọn ètò ìdàgbàsókè ìlú, irú èyí tí Báńkì Àgbáyé máa ń yá ìjọba lówó fún, ń wo ohun tí gbogbo ará ìlú jọ ń lò: kànga ẹ̀rọ, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìwòsàn kékeré, afárá. Ètò Fàdámà ní tirẹ̀ ń wo àgbẹ̀ àti àwọn tó ń sọ ohun oko di ohun títà. Nígbà tí NG-CARES, ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ àti Báńkì Àgbáyé, dé lẹ́yìn àrùn Kòrónà, ó kó irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ sábẹ́ orúlé kan, síbẹ̀ olúkúlùkù ló ní ọ́fíìsì tirẹ̀ àti fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ohun oko là ń sọ di gàrí ní tiwa, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a kọjú sí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe kànga ni lẹ́tà àkọ́kọ́ wà ní gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn.

Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, kí ẹ béèrè ìwé ìlànà ètò náà. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú rẹ̀: irú ẹgbẹ́ tó lè béèrè, iye owó tí wọn kì í kọjá fún ẹgbẹ́ kan, àti iye tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú wá. Bí iye tí ẹ fẹ́ bá ju òdiwọ̀n wọn lọ, ẹ dín iṣẹ́ náà kù nílé. Ẹ má retí pé wọ́n á bá yín dín in.

Ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Èmi kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí fọ́ọ̀mù yóò sọ ọ́. Ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, yálà ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ti CAC. Òfin ẹgbẹ́. Àkáǹtì báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, tí ó kéré tán ènìyàn méjì ń buwọ́ lùwé kí owó tó lè jáde. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti fẹnu kò lórí iṣẹ́ náà, pẹ̀lú orúkọ àti ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka àwọn tó wá.

Èyí tó máa ń pa ẹgbẹ́ lára jù ni ìwé ilẹ̀. Ìjọba kì í kọ́ ilé tàbí gbé ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ tí ẹnì kan lè jí lọ́la kó ní ti bàbá òun ni. Ilẹ̀ tiwa, olórí ẹbí kan ló fi tọrẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ní ìbẹ̀rẹ̀. A bẹ bàbá náà, ó buwọ́ lùwé, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, baálẹ̀ sì fi òǹtẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ yẹn ṣe pàtàkì ju bàbá lọ. Àwọn ni yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Orí lẹ́tà àti ìpínrọ̀ kìíní

Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà fóònù méjì ni kó wà lókè. Méjì ni mo wí, nítorí bí wọ́n bá pe ọ̀kan tí kò wọlé, ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n máa pè lórí àkọsílẹ̀ wọn. Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́, ipò ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí, àti àkòrí. Kí iṣẹ́, ibi tó wà àti iye owó wà nínú àkòrí náà. Tiwa rèé:

*ÌBÉÈRÈ OWÓ ÌRÀNWỌ́ ₦1,871,000 FÚN ẸRỌ ÌRIN ẸGẸ́ ÀTI ILÉ IṢẸ́ GÀRÍ NÍ ABÚLÉ WA, ỌNÀ ÌGBÁTÒRÒ, ÌJỌBA ÌBÍLẸ GÚÚSÙ ÀKÚRẸ́*

Ìpínrọ̀ kìíní kò ní ju gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ìkíni kan ṣoṣo ti tó. Mo mọ̀ pé ó ń rí bí àìlẹ́kọ̀ọ́ lójú àwa Yorùbá láti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ láìkí ará ilé, Ìyá Alága wa sì bínú sí mi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ogójì lè wà lórí tábìlì ẹni tó ń kà á. Ohun tí a kọ nìyí:

*"Àwa obìnrin 26 tó ń ṣe gàrí, tí a forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ń béèrè ₦1,871,000 láti fi ra ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ kan àti ẹ̀rọ ìfúnmi méjì tó ń fún omi ẹ̀gẹ́ jáde, kí a sì kọ́ ilé tí wọn yóò wà. Gbogbo iṣẹ́ náà yóò gba ₦2,121,000. Ẹgbẹ́ wa yóò mú ₦250,000 wá nínú rẹ̀. A ti ní ilẹ̀, ìwé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí."*

Ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan ti mọ ẹni tí a jẹ́, ohun tí a fẹ́, èló ni, àti pé àwa náà ti nawọ́ sí i. Ó lè ti fi lẹ́tà wa sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó wà.

Àìní: ẹ kà á, ẹ má sunkún rẹ̀

Ìyà ń jẹ gbogbo ẹgbẹ́ tó ń kọ̀wé. Bí ẹ bá kọ "ìyà ń jẹ wá gan-an," kò sí ohun tó yà yín sọ́tọ̀ lára àwọn yòókù. Ohun tó ń yani sọ́tọ̀ ni kí ẹ mọ ìwọ̀n ìyà náà.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni a rà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, akápò wa ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́: àpò ẹ̀gẹ́ mélòó lo rìn, èló lo san fún ọ̀kadà, èló lo san nílé ẹ̀rọ, mélòó ló bàjẹ́? Ìyá Alága kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní: "Ṣé a ó wá máa ka àpò bí àwọn agbowó-orí?" Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń pariwo mọ́ ẹni tí kò bá mú ìṣirò wá.

Ohun tí ìwé náà sọ fún wa nìyí. Àpò méjì ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń rìn lọ́sẹ̀ bí a bá pín in dọ́gba. Ìyẹn jẹ́ àpò 52 lọ́sẹ̀, 208 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ilé ẹ̀rọ tó sún mọ́ wa jù jìnnà tó kìlómítà mẹ́rin. ₦700 ni ọ̀kadà ń gbà lórí àpò kan ní lílọ àti bíbọ̀, ₦500 sì ni wọ́n fi ń rìn ín. Ọ̀kadà nìkan kó ₦145,600 lọ lọ́wọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó mọ èyí nínú wa tẹ́lẹ̀. Tí a bá ní kí a fojú díwọ̀n, bóyá ìdajì rẹ̀ ni à bá dá.

Ohun kejì ni èyí tó bàjẹ́. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ènìyàn: tí a bá ti wú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dú. Bí ẹ́ńjìnnì ilé ẹ̀rọ yẹn bá kọṣẹ́, tàbí tí èrò bá pọ̀ níwájú, a ń wo ẹ̀gẹ́ wa bó ti ń bàjẹ́ lọ. Àpò 17 ló bàjẹ́ nínú 208 yẹn.

Ìpínrọ̀ àìní wa wá kúrú:

*"Láti ọjọ́ kìíní oṣù títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ṣe àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ẹ̀dà rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Àpò ẹ̀gẹ́ 208 ni a rìn. Kò sí ẹ̀rọ ní abúlé wa, nítorí náà kìlómítà mẹ́rin ni a ń gbé àpò kọ̀ọ̀kan lọ, a sì san ₦145,600 fún ọ̀kadà. Àpò 17 bàjẹ́ kó tó kàn wá lórí ìlà. Òkúta ni a fi ń tẹ ẹ̀gẹ́ tí a ti rìn kí omi rẹ̀ lè jáde."*

Bí ẹ kò bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan náà sàn ju àìsí lọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹ má sọ ọ́ di oṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà á wá wò ó. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀kan nínú wọn mú obìnrin mẹ́ta lẹ́yìn ilé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń san fún ọ̀kadà.

Ìṣirò owó

Ibí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń kú sí. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ni pé a lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà mẹ́ta tó ń ṣe ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ nínú Àkúrẹ́, olúkúlùkù kọ ìwé iye owó fún wa lórí ìwé ilé iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé. Ẹni àárín la mú. Ẹni tó kéré jù kò fi ẹ́ńjìnnì kún tirẹ̀. Ìlù tó ń rin ẹ̀gẹ́ àti àpótí rẹ̀ nìkan ló kọ. Ẹ ṣọ́ èyí. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú iye náà àti ohun tí kò sí níbẹ̀: ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì, ìjókòó irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ilẹ̀, gbígbé e dé ibi iṣẹ́. Bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà náà kọ tiwọn.

Bí a ṣe tò ó nìyí:

Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì: ₦620,000
Ẹ̀rọ ìfúnmi oníjáàkì méjì, ₦165,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦330,000
Ilé iṣẹ́ (búlọ́ọ̀kù, páànù, ilẹ̀ onísìmẹ́ǹtì, owó òṣìṣẹ́): ₦780,000
Kòtò omi ẹ̀gẹ́: ₦190,000
Gbígbé àti dídè ẹ̀rọ: ₦60,000
Kíkọ́ obìnrin méjì ní ìtọ́jú ẹ̀rọ, àti ìwé àkọsílẹ̀: ₦40,000
Àròpọ̀: ₦2,020,000
Owó ìpamọ́ fún bí ọjà bá gbówó lórí, ìdá 5 nínú 100: ₦101,000
Gbogbo rẹ̀: ₦2,121,000
Ti ẹgbẹ́: ₦250,000
Ohun tí a ń béèrè: ₦1,871,000

Ẹ rò ó pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò, kí ẹlòmíràn sì tún un rò. Bí àròpọ̀ bá fi ₦10,000 yàtọ̀, ẹni tó ń kà á yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo yòókù bíi pé irọ́ wà níbẹ̀.

Ìlà "àwọn nǹkan mìíràn" kò sí nínú tiwa. Ó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ kan tí a jọ jókòó ní gbọ̀ngàn ọjọ́ kan; ₦300,000 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà sì fi bírò pupa yí i ká. Owó ìpamọ́ yàtọ̀ sí èyí. Ó ní ìdá tí a dá sórí rẹ̀, ó sì ní ìdí: láàárín ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé àti ọjọ́ tí owó dé, sìmẹ́ǹtì lè ti gbéra. Bí ìlànà wọn kò bá gba owó ìpamọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì wá iye tuntun lọ́wọ́ oníṣòwò nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà sílẹ̀.

Kòtò omi ẹ̀gẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kò fẹ́. Wọ́n ní owó òfò ni, ṣebí igbó wà lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú. Ẹni tó bá ń ṣe gàrí ti rí koríko tó jó níbi tó ń ṣàn gbà, ó sì ti gbọ́ nípa ewúrẹ́ tó mu ún. Àwọn ètò tí owó Báńkì Àgbáyé wà nínú wọn máa ń béèrè ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe fún ilẹ̀ àti omi àdúgbò. A kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó béèrè: kòtò onísìmẹ́ǹtì, tí kò ní sún mọ́ kànga ju mítà 30 lọ.

Lórí ti ẹgbẹ́: ₦250,000 wa kì í ṣe owó gidi tán. ₦120,000 ló wà ní báńkì, a sì fi ìwé báńkì hàn. ₦130,000 tó kù jẹ́ yanrìn tí a ó wà, omi tí a ó pọn àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọkọ àti ọmọ wa. A sọ iye ọjọ́ àti iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà lójúmọ́ láti fi hàn bí a ṣe rí i. Ètò púpọ̀ ń béèrè ìdá 10 nínú 100 lọ́wọ́ ìlú, wọ́n sì máa ń gba iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun èlò dípò owó. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 12. Ẹ má ṣe ju agbára yín lọ níbí. Owó tí ẹ kọ pé ẹ ní, ọjọ́ kan ni wọ́n á ní kí ẹ gbé e sílẹ̀ kí tiwọn tó wọlé.

Àyọrísí: kí ló máa yí padà?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ abala yìí, mo kọ ọ́ pé: "Àyọrísí ni pé a ó ní ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ àti ilé iṣẹ́." Olùkọ́ kan tó bá wa wò ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ìyẹn lohun tí ẹ fẹ́ rà. Tí ẹ bá rà á tán ńkọ́?" Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibí. Ẹ̀rọ lè wà kí ó máa gba eruku. Ẹni tó ń fúnni lówó fẹ́ mọ ohun tí yóò yàtọ̀ nínú ìgbésí ayé àwọn tó ń lò ó, àti bí òun yóò ṣe mọ̀.

Bí ẹ bá ti ka àìní yín dáadáa, àyọrísí ti ń dúró dè yín níbẹ̀. Ẹ mú iye tí ẹ kọ lórí àìní, kí ẹ sọ iye tí yóò dà àti ìgbà tí yóò dà á:

*"Láàárín oṣù mẹ́fà tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: (1) owó ọ̀kadà lórí àpò kọ̀ọ̀kan yóò ti ₦700 wá sí òdo, (2) owó rírìn yóò ti ₦500 wá sí ₦400 fún ọmọ ẹgbẹ́, (3) àpò tó ń bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò ní ju 4 lọ, dípò 17. Ní àpò 208, ₦166,400 ni yóò dúró sọ́wọ́ àwọn obìnrin 26 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn ₦6,400 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé àkọsílẹ̀ tí a lò tẹ́lẹ̀ náà ni a ó fi máa wọ̀n ọ́n, ẹ sì lè wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkúùgbà."*

Ẹ rí i pé a kò sọ pé kò ní sí èyí tó bàjẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ tiwa náà á kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan. A kò sì ṣèlérí pé gàrí wa yóò wọ́n lọ́jà, nítorí kì í ṣe àwa la ń dá iye gàrí ní Ọjà Ọba.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti yọ kúrò. Mo ti kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ìfúnmi yóò jẹ́ kí gàrí tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta tán ní ọjọ́ kan. Òótọ́ ni pé jáàkì lè fún omi ẹ̀gẹ́ jáde láàárín wákàtí díẹ̀, níbi tí òkúta ń gba ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírìn fi ń kan nínú àpò kì í ṣe ọjọ́ òfò. Òun ló ń fún gàrí ní ìkan tí àwọn oníbàárà wa ń fẹ́, òun ló sì wà lára ohun tó ń dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ gàrí nínú àwọn tó máa ka lẹ́tà yẹn ì bá mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé akọ̀wé tó kọ ọ́ kò dé ìdí agbada rí. Nítorí náà, ẹ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù nínú ẹgbẹ́ ní lẹ́tà kà, kì í ṣe ẹni tó mọ ìwé jù nìkan.

Ta ni yóò ra bẹ́líìtì?

Ìpínrọ̀ kan péré ni èyí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ púpọ̀ kì í kọ ọ́. Ẹ lọ yíká abúlé Àkúrẹ́ kí ẹ ka ẹ̀rọ tí ìjọba gbé wá tí ewéko ti bò. Bẹ́líìtì já, kò sẹ́ni tó rà á, ó parí. Páànù oníhò tó yí ìlù ẹ̀rọ ká, tí eyín rẹ̀ ń rin ẹ̀gẹ́, náà ń kú. Tí eyín bá ti kú, ẹ̀gẹ́ á máa jáde ní gbùǹgbùn, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo sí i.

A ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú lẹ́tà. Bí àpò 208 bá san ₦400, ₦83,200 ló wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Epo ₦30,000, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ₦24,000, ó ku ₦29,200. ₦15,000 nínú rẹ̀ á lọ sí àkáǹtì àtúnṣe, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn, ₦14,200 sì jẹ́ ti ẹgbẹ́. Lójú tèmi, ìpínrọ̀ yìí ló gbà wá. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ wá wò, òun ni wọ́n béèrè jù, Ìyá Alága sì dáhùn rẹ̀ láìwo ìwé.

Gẹ̀ẹ́sì, títẹ̀, àti fífi sílẹ̀

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fẹ́ kí lẹ́tà náà jẹ́. Àwa kọ ọ́ ní Yorùbá kọ́kọ́, a kà á ní ìpàdé kí gbogbo obìnrin lè gbọ́ ohun tí a fẹ́ buwọ́ lù, kí a tó fún olùkọ́ kan láti yí i padà. Nígbà tó dá a padà, gbogbo àdúrà tí a ti yọ ló ti padà wọlé ní Gẹ̀ẹ́sì tó le koko, ₦165,000 sì ti di ₦156,000. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó bá ń yí i padà, kí ẹ máa fi ìka tọ iye owó ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ojú ìwé méjì ni ara lẹ́tà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tó bá a rìn ni ẹ ó fi nọ́ńbà sí: ìforúkọsílẹ̀, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, ìwé ilẹ̀, àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwé iye owó mẹ́ta mẹ́ta, ìwé báńkì, àkọsílẹ̀ ìpàdé. Alága, akọ̀wé àti akápò ni kó buwọ́ lù ú, kí orúkọ wọn sì bá ti àkáǹtì mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Akápò wa ń jẹ́ orúkọ ọkọ ní báńkì, ó sì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyẹn gbà wá láti tún ṣe.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ọ̀kan, kí ẹ mú un padà sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè "owó fáìlì" lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè rìsíìtì. Àwọn tó béèrè lọ́wọ́ wa kò ní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú láti béèrè bó ṣe ń lọ, kí ẹ kọ ọjọ́ orí òǹtẹ̀ yẹn sínú rẹ̀, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tí wọ́n fi rí fáìlì wa lábẹ́ fáìlì mìíràn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá wo ilẹ̀.